Ọlọ́run Tú Mi Sílẹ̀ Lọ́wọ́ “Ẹ Ti Ju Iṣẹ́ Yìí Lọ”

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ kì í ṣe ti àìsàn, kì í ṣe ti àgàn tó bímọ, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ tó takìtì tí a jáde nínú rẹ̀ láìfarapa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mo ṣe máníjà ẹ̀ka báńkì kan ní Èkó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo padà sílé ní Adó-Èkìtì, mo sì ń wá irú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ abẹ́ mi ń ṣe nígbà tí mo wà ní Èkó. Ohun tó fẹ́ fọ́ mi lẹ́mìí kì í ṣe àìríṣẹ́ gan-an. Gbólóhùn kan ni, tí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé mi tán ń fi ẹ̀rín músẹ́ sọ fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ju iṣẹ́ yìí lọ.”

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ohun tó jẹ́ kí n dìde jẹ́rìí ni pé ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tún pàṣẹ pé kí àwọn báńkì fi kún owó ìdókòòwò wọn: ₦500 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣòwò dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣòwò jákèjádò Nàìjíríà, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí oṣù kẹta ọdún 2026 tó tán. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni àyà mi já, torí mo rántí tèmi. Ní oṣù keje ọdún 2004 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé ₦25 bílíọ̀nù ni báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, bẹ́ẹ̀ ₦2 bílíọ̀nù ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, 25 ló kù. Òmíràn gbé òmíràn mì, àwọn kan para pọ̀, àwọn kan sì kógbá sílé pátápátá. Níbi tí báńkì méjì bá ti di ọ̀kan, tí ẹ̀ka méjèèjì sì dojú kọra ní òpópónà kan náà, máníjà kan ṣoṣo ni wọ́n máa nílò. Kì í ṣe èmi ni wọ́n mú.

Mo kó ẹbí mi wá sílé bàbá mi ní Ìjigbò. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá mi nígbà náà, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì yẹ kí ọmọ kan wà nítòsí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ olùkọ́ ló pọ̀ ní Adó. Ẹ̀ka báńkì ńlá tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, máníjà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà lórí àga rẹ̀. Bí mo bá ní ipò máníjà ni mo fẹ́ dúró dè, mo lè dúró títí ewú fi máa bo orí mi. Mo wá lọ béèrè iṣẹ́ akọ̀wé owó nílé ìwé aládàáni kan. Wọ́n ka ìwé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti ju ibẹ̀ lọ. Mo tún lọ sí ilé ìwòsàn kan tó ń wá ẹni tí yóò máa gbowó. Ẹni tó dá mi lóhùn tiẹ̀ ń pè mí ní “sà” ní gbogbo ìgbà tó ń lé mi lọ. Ọ̀wọ̀ tí kò ṣeé jẹ lóunjẹ!

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa ní Òkèsà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Gbígba ènìyàn síṣẹ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, mo ń retí kí ó bá mi káàánú. Kò káàánú mi rárá. Ó ní: “Ẹni tó ní o ti ju iṣẹ́ lọ kò tíì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bi ara rẹ léèrè: tí wọ́n bá gbà ọ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì wá dàrú, kí ni yóò bà jẹ́ fún wọn? Ìyẹn ni kí o lọ dáhùn. Má dáhùn ohun tí wọ́n fẹnu sọ.” Ẹ̀yin ará, ẹnu bàbá yìí ni Ọlọ́run gbà bá mi sọ̀rọ̀. Títí di ọjọ́ náà, “mo lè ṣe é, mo lè ṣe é” ni mo ń fi dá àwọn ènìyàn lóhùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ní n kò lè ṣe é.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, nígbà tí àwọn báńkì ńlá ń sáré àsápajúdé, Báńkì Àpapọ̀ kan náà gbé ètò báńkì máíkíròfáínáǹsì jáde. Wọ́n ní kí gbogbo kọmúnitì báńkì tó wà káàkiri ìlú ní ₦20 mílíọ̀nù, kí wọ́n sì di máíkíròfáínáǹsì kí ọdún 2007 tó parí. Àwọn báńkì kéékèèké wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè yá oníṣòwò lówó kó sì gbà á padà. Ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ló ń ṣí òmíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀hún rẹlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbabẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Adó, lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé òun ń wá òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó. Ìyẹn ni ẹni tó máa ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, tó ń yẹ ọjà ẹni tó fẹ́ yáwó wò, tó ń kọ ìwé rẹ̀, tó sì ń lọ gba owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń bẹ lábẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi.

Mo jókòó ti ìbéèrè bàbá yẹn. Kí ni yóò bà jẹ́ fún báńkì kékeré bí mo bá wọlé tí mo sì tún jáde? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, torí mo ti rí i rí. Oníṣòwò tí kò ní ilé tó lè fi dúró, tí kò ní ilẹ̀, ojú ẹni tó yá a lówó ló ń wò tó fi ń san án. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ ọjọ́ tó ń bọ̀, ó mọ̀ pé ó ti bá òun kí ìyá òun. Bí ẹni náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé gbèsè kò lọ, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ń wò ti lọ. Ẹni tuntun yóò dé, wọn á ní àwọn ti san ti oṣù tó kọjá fún ẹni àkọ́kọ́, wọn á ní kò kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, gbèsè tó dúró ṣinṣin á di èyí tó ń jò. Báńkì tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù kò lè fara da kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kì í ṣe ìlara ló ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù ẹni tí ìwé rẹ̀ pọ̀. Wọ́n gbà pé bí báńkì ńlá bá súfèé, á fò lọ, yóò sì fi owó ọlọ́jà sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Bí mo ṣe rí èyí ni ìwé tí mo kọ ṣe yí padà. Ìwé ìtàn iṣẹ́ mi ti tẹ́lẹ̀ gùn, iye òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ mi ló ṣáájú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ẹ̀yẹ, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí. Mo gé e kúrú sí ojú ìwé kan. Mo kọ orúkọ iṣẹ́ tí mo ń wá sí òkè pátápátá kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé mo ṣìnà ni. Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ ohun tó jọ mọ́ ẹ̀yáwó láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́ ọmọ kékeré nínú báńkì: irú àwọn oníṣòwò tí mo yá lówó, bí mo ṣe ń lọ yẹ ìsọ̀ wọn wò, àwọn gbèsè tó ti kú tí mo jí dìde. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ ipò máníjà kúrò pátápátá, kí n ní òṣìṣẹ́ báńkì lásán ni mí. Mo kọ̀. Ní Èkìtì tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọmọ ta ni ẹ́, irọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dé ọjọ́ Ẹtì. Ní báńkì pàápàá, wọ́n máa ń kọ̀wé sí ibi tí o ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Bí ohun tí wọ́n kọ padà bá yàtọ̀ sí tìrẹ, ìwà ni wọ́n máa fi lé ọ, kò ní jẹ́ ti ìwé tó pọ̀ jù mọ́. Máníjà wà níbẹ̀, ní ìlà kan, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. N kàn kò fi ṣe fìlà ni. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kún sì béèrè gbogbo ìwé ẹ̀rí tí mo ní, mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láìyọ ọ̀kan.

Nínú lẹ́tà tó bá a lọ, mo fúnra mi mẹ́nu ba ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ. Mo ní: “Mo mọ̀ pé ẹ lè rò pé n kò ní pẹ́ níbí. Ilé bàbá mi ní Ìjigbò ni mò ń gbé, ìyá mi ń ṣàìsàn, ọmọ mi sì ti wọ ilé ìwé níbí. Bí ẹ bá gbà mí, n kò ní fi ẹ̀yáwó kankan tí mo bá fọwọ́ sí sílẹ̀ kí wọ́n tó san án tán.” Mo jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tó bá gùn jù máa ń dà bí ẹ̀bẹ̀.

Kí wọ́n tó pè mí, mo lọ bá àbúrò ìyá mi tó ń gba àjọ ní Ọjà Ọba. Mo tẹ̀ lé e láàárín ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo mọ̀ pé wọ́n máa rò ni pé ọwọ́ mi ti rọ̀, pé ẹni tó ti jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù fún ọdún pípẹ́ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọlọ́jà ṣírò. Òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀ o. Mo bẹ obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ (Èkìtì tí gbogbo ayé ń pè ní oníyán kúkú ń jẹ àmàlà) pé kó jẹ́ kí n ṣírò ọjà rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ yá ₦50,000. Ó ń tà tó ₦30,000 lọ́sẹ̀. Èlùbọ́ tó ń rà láti ọ̀nà Ṣakí ń gba ₦23,000 nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ọjà ń gba ₦1,000. Èrè rẹ̀ wá jẹ́ ₦6,000. Ilé ń jẹ ₦3,500, ó ku ₦2,500. Bí èlé bá jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí gbogbo owó náà fún oṣù mẹ́fà, ₦59,000 ni yóò san. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 26, ó ń lọ sí ₦2,269. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá san án kò tó ₦250. Ẹni tó bá kàn wo ìwé yóò ní ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé báwo ni ọjà rẹ̀ ṣe ń rí kí iṣu tuntun tó jáde, ó sì sọ fún mi pé èlùbọ́ máa ń gbówó lórí nígbà náà, èrè á sì dín kù. Ọmọ kan á ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, gbèsè ti wọlé nìyẹn. Mo ṣírò ₦40,000 fún un: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦47,200, bíi ₦1,815 lọ́sẹ̀, ó sì ku nǹkan bíi ₦685 tó lè fi mí. Mo kọ ọ́ sórí ìwé kan, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo sì kọ ìdí tí n kò fi ní yá a ní ₦50,000. Ìwé yẹn ni mo mú lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Alága ìgbìmọ̀, bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí. Obìnrin kan tó ń ṣojú àwọn oníṣòwò. Àti máníjà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà jù, tí kò wojú mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù.

Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó kà nípa ìyá mi nínú lẹ́tà, ó ní, “Ọlọ́run má ṣe é o, àmọ́ bí màmá bá lọ ńkọ́?” Ìbéèrè tó le gan-an ni, ó sì tọ́ kó béèrè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá mi nìkan ni mo gbé ara lé, ìdáhùn mi ì bá ti wó lulẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ mi àgbà wà ní kíláàsì kejì nílé ìwé girama, pé a ti pinnu pé a kò ní ṣí i nípò títí yóò fi ṣe ìdánwò Wáẹ́kì, ìyẹn sì fi bíi ọdún mẹ́rin jìnnà. Mo tún sọ fún wọn pé ẹ̀yáwó oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe. Kí wọ́n fún mi ní ọ̀dọ́ kan tí yóò máa bá mi lọ sọ́jà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí àwọn oníbàárà lè mọ ojú ènìyàn méjì. Bí n bá kú pàápàá, kì í ṣe bí n bá fẹ́ lọ nìkan, owó wọn kò ní bá mi lọ. Alága kọ èyí sílẹ̀. Mo rí i pé ohun tó kọ kì í ṣe ìlérí mi pé n kò ní lọ. Ohun tó kọ ni ti ọ̀dọ́ tí yóò máa bá mi rìn. Ìlérí lásán, gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Alága ní, “Ẹ mọ̀ pé ₦22,000 ni à ń san?” Mo ti gbọ́ ìró owó náà kí n tó wá, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí ojú rẹ̀ má baà yí padà níwájú wọn. Ìdáhùn tó burú jù níbẹ̀ ni kí ènìyàn ní owó kọ́ ni òun ń wá. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó tiẹ̀ ń fu àwọn onílé owó lára pé ibòmíràn lo fẹ́ ti rí i. Mo fi ìṣirò ilé mi hàn wọ́n láìtijú: n kò sanwó ilé, oúnjẹ ń lọ sí ₦14,000, epo ìdáná àti iná ₦2,500, owó ọkọ̀ ₦3,000. Ó ku ₦2,500. Ìyàwó mi ń ta aṣọ, òun ló ń gbọ́ ti aṣọ ọmọ àti ìwé kíkà, owó ìyọṣẹ́ mi sì ti sanwó ilé ìwé ọdún méjì sílẹ̀. Mo ní, “Kò rọ̀ṣọ̀mù, ṣùgbọ́n ó ń ká a. Bí ẹ bá wá fi kún un lẹ́yìn ọdún kan torí pé gbèsè mi ń wọlé, n kò ní kọ̀ ọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn yàtọ̀ sí ẹ̀rín músẹ́ tó ti ń lé mi kiri.

Máníjà kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ìwé báńkì ní òun ni ọ̀gá, ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ sì ní kó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Báwo ló ṣe fẹ́ bá mi wí níwájú oníbàárà? Bí mo bá pẹ́ dé, ta ni yóò sọ ọ́? Ẹni tó gba ẹ̀gbọ́n sábẹ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé gbogbo ọ́fíìsì ni yóò máa wojú ẹ̀gbọ́n náà kí wọ́n tó ṣe ohun tí òun ní kí wọ́n ṣe. Òun wá béèrè ọ̀kan ṣoṣo, ó sì béèrè rẹ̀ dáadáa: “Ẹ kọ ìwé pé kí a yá ìyá kan lówó. Mo ní rárá. Ẹ̀yin sì mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Kí lẹ máa ṣe?”

Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní: “Màá kọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ sórí fọ́ọ̀mù náà, màá bu ọwọ́ lù ú, màá gbé e wá fún yín. Bí ẹ bá ṣì ní rárá, ó parí. Tí mo bá padà sọ́dọ̀ ìyá náà, n kò ní sọ pé ọ̀gá ló kọ̀. Màá ní àwa báńkì kò lè ṣe é báyìí, màá sì sọ ohun tó lè tún ṣe kó tó padà wá.” Ó wá wojú mi. Mo tún ní, “Ní ti ọ̀wọ̀, níbi iṣẹ́ ẹ̀yin ni ọ̀gá, ‘ẹ’ ni màá sì máa pè yín. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, àwọn tó kù á mọ̀, kò sì ní rọrùn fún yín láti bá wọn wí mọ́.” N kò sọ pé màá ràn án lọ́wọ́ láti tún báńkì náà ṣe. N kò fún un nímọ̀ràn kankan. Ẹni tó wá béèrè iṣẹ́ kékeré tó sì ń sọ bí yóò ṣe tún gbogbo ilé ṣe ti dáhùn ìbéèrè nípa àga ọ̀gá kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Nígbẹ̀yìn ni mo mú ìwé ẹlẹ́lùbọ́ jáde. Obìnrin oníṣòwò yẹn gbà á, ó fi ìka tọ ìṣirò náà láti òkè délẹ̀, ó sì bi mí léèrè pé kí ló dé tí n kò ṣírò owó àjọ rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ó wà nínú ₦3,500 ti ilé. Ó ní, “Ó dáa.” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò ní ẹni tó ju iṣẹ́ lọ, mo ti di ẹni tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bẹ̀rù òun, kó wo ìbéèrè wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì ń jẹ́ “ṣé ẹ mọ̀ pé…”, “ṣé kò ní sú yín…”, ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, tí wọ́n ń bá ọ jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n ti ń rí ọ lórí àga náà.

Wọ́n gbà mí, wọ́n sì fi oṣù mẹ́fà dán mi wò. Ẹ yin Olúwa! Mo wọ ọ̀kadà, mo jẹ eruku. Kò ṣàìní wàhálà o. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì tàn án kálẹ̀ pé àwọn ará Èkó ló rán mi wá gba àga máníjà. Mo lọ bá máníjà fúnra rẹ̀, mo ní kó máa jókòó tì mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ròyìn fún alága, kí n má ṣe dá nìkan rí alága rárá. Ariwo náà kú fúnra rẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, báńkì ńlá kan ní Àkúrẹ́ pè mí, owó wọn sì ju tiwa lọ fíìfíì. Mo sọ fún máníjà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sọ fún àwọn ará Àkúrẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tí mo yá lówó san án tán ná. Wọn kò dúró. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìlérí tí mo ṣe ní ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn rí i tó ń rìn. Nígbà tó yá, báńkì náà ní kí n máa bójú tó gbogbo ẹ̀yáwó, máníjà yẹn ló sì kọ ìwé tó dábàá rẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo ibi ni èyí lè ṣiṣẹ́. Níbi iṣẹ́ ìjọba tó ní ìpele àti ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sínú òfin, kò sí ìdáhùn dídùn tó lè ṣí ohun tí òfin ti tì. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹ̀rù wọn tọ̀nà. Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí báńkì rẹ̀ ní kó máa lọ wá bá mi ní ilé. Ó ti ṣe igbákejì máníjà, ó fẹ́ béèrè iṣẹ́ akáwó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ọ̀nà Ìwòròkó, ó sì fẹ́ kí n kọ́ ọ ní ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Mo bi í léèrè pé ọdún mélòó ló fẹ́ lò níbẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní ọkọ òun wà ní Kánádà, òun ń dúró de ìwé ìrìnnà, ó lè jẹ́ ọdún kan. Mo ní kó má ṣe lo ìdáhùn tèmi, torí irọ́ ni yóò jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé ọdún kan ni òun lè fọkàn sí, kó sì dárúkọ ohun tí òun máa parí fún wọn láàárín rẹ̀: kí ìwé ìṣirò wọn tó ti pẹ́ lẹ́yìn dọ́gba, kí òun sì kọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ bí yóò ṣe máa ṣe é lọ. Wọ́n gbà á fún ọdún kan náà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá Òkèsà tí kò káàánú mi, tó ti lọ sinmi báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi tó jẹ́ kí n ka ìṣirò ilé wa jáde létí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.